Ẹ Má Fi Epo Pupa Mú Un Bì: Bí A Ṣe Túmọ̀ Ìwé Ààbò Tólúìn sí Yorùbá

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan àwa tí à ń ta tínà, ó kan àwọn tó ń fín mọ́tò, ó kan àwọn káfíńtà tó ń kun àga, ó kan àwọn aránbàtà tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà. Ó kan ìyàwó àti ọmọ wọn nílé pẹ̀lú. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Dúrọ́ọ̀mù tólúìn tí à ń rà máa ń bá ìwé kan wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Nínú ọjà, ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń nuwọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ nípa kẹ́míkà náà ló wà níbẹ̀. Apá 16 ni ó ní, bí wọ́n sì ṣe tò ó nílẹ̀ wa ni wọ́n ṣe tò ó ní ìlú òkèèrè, nítorí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Apá kẹrin ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. Apá kẹfà ni ohun tí a ó ṣe bó bá dà sílẹ̀. Apá keje ni bí a ó ṣe máa lò ó àti bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Apá mẹ́ta yìí la mú, torí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wa, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti ilé láìka ìwé púpọ̀, àwọn ló ń fi ọwọ́ kan kẹ́míkà yìí lójoojúmọ́.

Àwa mẹ́ta la jókòó tì í: àwa tí a ni ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Tíṣà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àti Màmá Nọ́ọ̀sì. Àdéhùn kan la ṣe. Bí a bá ti túmọ̀ gbólóhùn kan, a ó pe ọmọ iṣẹ́ wa, a ó kà á fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó wá bi í pé, “Kí lo máa ṣe báyìí?” Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí ìwé ní kó ṣe, ìtumọ̀ yẹn ni kò dáa, a ó tún un ṣe. A ò ní bá ọmọ wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Tólúìn mọ́ gaara bí omi. Òórùn rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ lára tínà àti gọ́ọ̀mù bàtà. Lára ìwé rẹ̀, ẹ máa rí UN 1294 àti 108-88-3, nọ́ńbà tirẹ̀ nìyẹn, bí nọ́ńbà mọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ tínà tó wà lọ́jà, tólúìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn kẹ́míkà mìíràn. Nítorí náà, ohun tí a kọ síhìn-ín, tólúìn gan-an la fi kọ ọ́. Ẹni tó bá ń ta tínà àdàlù, kó béèrè ìwé ti àdàlù náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, torí pé ohun mìíràn tó wà nínú rẹ̀ lè ní májèlé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dá wa dúró ni ohun tí tólúìn ń tú jáde bí a bá ṣí i sílẹ̀. Bàbá Tíṣà ní ká pè é ní “ooru”. A kà á fún ọmọ, ó fọwọ́ kan ara dúrọ́ọ̀mù, ó ní, “Ọ̀gá, kò gbóná o.” A yí i sí “èéfín”, ó wo òkè, ó ń wá ibi tí èéfín ti ń rú. A yí i sí “òórùn”, ìyẹn ló wá burú jù, torí ó ní bí òun ò bá ti gbọ́ òórùn mọ́, ó ti tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, imú ènìyàn máa ń sú. Ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò ní gbọ́ ọ mọ́, nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé á máa sín. “Atẹ́gùn tólúìn” la wá fẹnu kò sí, a sì kọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀ lé e: a kì í fi ojú rí i, ó wúwo ju atẹ́gùn lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rìn mọ́, bó bá rìn dé ibi tí iná wà, iná yóò gbá a mú, yóò sì gba ojú ọ̀nà tó gbà wá padà síbi tó ti wá. Ọmọ wo ilẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Á dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà nìyẹn.” Ó yé e.

Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìwé ní dígírì 4 ni tólúìn ń gba iná, níbòmíràn wọ́n tún kọ dígírì 480. Èwo ni ká mú? Méjèèjì ni. Bí ìgbóná ara rẹ̀ bá ti tó dígírì 4 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, atẹ́gùn tó ń tú jáde ti pọ̀ tó láti gbaná bí ẹnì kan bá mú iná sún mọ́ ọn. Ti 480 ni pé bó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, yóò gbiná fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná. Bí a bá kàn kọ “ó ń gbiná ní dígírì 4”, àwọn kan á rò pé irọ́ ni, torí kẹ́ẹ̀gì wọn wà nílẹ̀ nínú oòrùn Kánò láti àárọ̀, kò sì gbiná. Bí a ṣe kọ ọ́ nìyí: “Kò sí àkókò kankan lọ́dún tó tutù tó láti mú tólúìn wà láìléwu lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, títí kan ìdájí ọyẹ́.” Ṣàṣà ni ìdájí ọyẹ́ tó ń tutù dé dígírì 4 níbí, ẹ̀yin náà mọ̀.

Àti pé, ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀: “fìlámébù” àti “ìnfìlámébù” tí wọ́n ń kọ sára dúrọ́ọ̀mù, ohun kan náà ni. Méjèèjì ń gbiná.

Ó kan ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. Ibí la pẹ́ sí jù, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì fà á. Nínú ìwé, wọ́n kọ H304, ìyẹn ni pé bí ènìyàn bá gbé e mì tó sì wọ ọ̀nà èémí, ó lè pa á. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ P331: ẹ má ṣe mú kó bì. Lójú wa, ó dà bí ọ̀rọ̀ tó rọrùn. A kọ “Ẹ má jẹ́ kó bì.” A pe ọmọ, a ní, “Bí àbúrò rẹ bá mu tínà, kí lo máa ṣe?” Ó ní, “Màá fi ọwọ́ dí i lẹ́nu kó má bàa bì.” Haba! Màmá Nọ́ọ̀sì dìde dúró. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá dí lẹ́nu nígbà tí èébì ń bọ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni èébì náà ń gbà lọ, ohun tí ìwé sì ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

A pe ìyàwó aládùúgbò wa kan, a ka ti ẹlẹ́ẹ̀kejì fún un: “Ẹ má ṣe fi ipá mú un bì.” A bi í pé kí ló máa ṣe. Ó ní, “Mi ò ní fi ipá mú un. Màá rọra fún un ní epo pupa díẹ̀.” Lójú tirẹ̀, ipá ni kí á ki ìka bọ ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Epo pupa ní tirẹ̀, oògùn ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà pé epo pupa ló ń pa oró májèlé, bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì tàbí tínà, epo ni ilé kọ́kọ́ ń sá lọ gbé, tí kò bá sí epo, mílíìkì.

Màmá Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Tólúìn ṣàn wẹ́rẹ́, ó fúyẹ́ ju omi lọ, kì í dúró sójú kan. Nínú ikùn, ewu rẹ̀ kò yá tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró. Díẹ̀ tó bá yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró, ì báà ṣe ìwọ̀n ẹnu ṣíbí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ibẹ̀ jẹ́, á sì di òtútù àyà. Ìgbà wo ló rọrùn fún un jù láti wọ ibẹ̀? Ìgbà tí ọmọ bá ń bì. Ó ti gba ọ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kan nígbà tó mu ún, epo pupa wá ń mú un padà bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ikọ́ àti ẹkún, nígbà tí ọmọ ń mí gúlegúle. Epo náà fúnra rẹ̀ lè bá a wọ ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì lè ru ikùn sókè bákan náà.

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wá di mẹ́fà lọ́wọ́ wa, a ò sì kábàámọ̀ rẹ̀: “Bí ẹnì kan bá gbé tólúìn mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, mílíìkì, omi iyọ̀ tàbí ohunkóhun mìíràn, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù. Bó bá ń bì fúnra rẹ̀, ẹ má dí i lẹ́nu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, kí èébì lè jáde síta. Bó bá dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé yìí tàbí kẹ́ẹ̀gì náà dání.”

Màmá Nọ́ọ̀sì ní ká fi ìkan kún un, a sì gbà. Ọmọ tó mu ún lè máa ṣeré lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹni pé kò sí nǹkan. Kí ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ikọ́ tí kò dá, èémí tó ń yára, ihò imú tó ń fẹ̀ bó bá ń mí, ètè tó ń dúdú, gbogbo ìyẹn lè pẹ́ kí wọ́n tó yọjú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró fún wákàtí bíi mẹ́fà láti máa wò ó, kódà bí ara rẹ̀ bá dà bí ẹni tó le. Nínú ìwé, wọ́n ní ká pe ilé iṣẹ́ májèlé lórí fóònù, nọ́ńbà ìlú òkèèrè ni wọ́n sì kọ síbẹ̀. A yọ ọ́ kúrò. Orúkọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù la kọ sí ojú ibẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà onímọ́tò méjì ní àdúgbò tí kì í pa fóònù wọn lóru.

Ti ojú kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó yẹ ká mọ̀. Ìwé ní ká fi omi fọ ojú fún “ìṣẹ́jú mélòó kan”. Ọmọ iṣẹ́ wa bu omi sí ọwọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní ó ti tó. Nítorí náà a kọ ìṣẹ́jú 15, bí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọjú fún ilé iṣẹ́ ńlá ṣe fi lélẹ̀. Báwo wá ni omi ìṣẹ́jú 15 ṣe pọ̀ tó? Bàbá Tíṣà ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ máa tú omi lítà kan àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 15, lítà méjìlélógún àtààbọ̀ ni. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan péré nìyẹn, èyí tí àwọn mẹ́rúwà ń fi ọmọlanke tì kiri àdúgbò! A kọ ọ́ báyìí: “Kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ kan gbọ́dọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà gbogbo fún ojú nìkan. Ẹ la ojú, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí, títí kẹ́ẹ̀gì yóò fi tán.” Kò sẹ́ni tó nílò aago. Kí wọ́n má sì fi ọwọ́ ra ojú o.

Bó bá dà sí ara, ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀. Ẹ̀yin afínmọ́tò tí ẹ ń fi tínà fọ ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ẹ ń fọ̀ kúrò náà ni ẹ ń fi fọ̀ ọ́, ẹ ẹ̀ rí i? Ó ń bó ọ̀rá ara, awọ á gbẹ, á sán. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ táwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò sì gbà yín, kò pẹ́ rárá tí tólúìn fi ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ti ẹni tó fà á símú, ìwé ní kí á gbé e lọ síbi “atẹ́gùn tútù”. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, iwájú fáànù ni ọmọ wa máa gbé e lọ, nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tí a kọ ni: “Ẹ gbé e jáde síta gbangba.” Ẹni tí tólúìn bá ti mú, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, á máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, ó sì lè máa bá yín jà pé kò sí ohun tó ṣe òun. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ gbé e jáde. Kí ẹni tó bá ń wọlé lọ gbé e má rò pé ìbòmú aṣọ ti ìgbà kòrónà á gba òun, kò lè dí atẹ́gùn tólúìn rárá.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún aboyún. Ìwé kò sọ pé ó dájú, ohun tó sọ ni pé wọ́n ń fura pé ó lè ṣe ọmọ inú léṣe. A túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, a ò fi kún un, a ò yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a fi í sókè pátápátá kí ẹni tó bá kan lè tètè rí i.

Apá keje, ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí. “Ibi tó tutù, tí atẹ́gùn ti ń wọlé tó ń jáde.” Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ sọ nígbà tó gbọ́ “tutù”: “Ká gbé e sínú fíríìjì?” Kò bú wa lẹ́rìn-ín tó bó ṣe yẹ, torí pé fíríìjì ilé ní súìṣì kékeré nínú tó ń tan gílóòbù rẹ̀, tó sì ń ta iná nínú. Kí ẹnu kẹ́ẹ̀gì má le, kí atẹ́gùn tólúìn kún inú fíríìjì, kí ẹnì kan ṣí i. A yọ “tutù” kúrò, a kọ “abẹ́ òjìji, níbi tí oòrùn kì í dé”. “Atẹ́gùn tó ń wọlé tó ń jáde” náà, fáànù ni gbogbo ènìyàn ń rò. Ohun tí ìwé ń wí ni ihò ara ògiri. Níwọ̀n bí tólúìn ti ń rìn nílẹ̀, fèrèsé òkè nìkan kò tó, ihò gbọ́dọ̀ wà lápá ìsàlẹ̀ náà. A lu búlọ́ọ̀kù méjì jáde lára ògiri ẹ̀yìn, a fi nẹ́ẹ̀tì irin dí i nítorí eku.

Ẹ má rọ ọ́ sínú ike omi tàbí ike mínírà. Ìdí kò ju èyí tí a sọ lókè lọ: ó mọ́ gaara, òùngbẹ sì ń gbẹ ọmọ.

Ti rírọ rẹ̀ láti inú dúrọ́ọ̀mù sí kẹ́ẹ̀gì ló yà wá lẹ́nu jù. Ìwé ní kí á so dúrọ́ọ̀mù àti ohun tí à ń rọ ọ́ sí pọ̀, kí á sì so wọ́n mọ́ ilẹ̀. Ọmọ lọ mú okùn wá, ó ní kó má bàa ṣubú! Ohun tí ìwé ń sọ ni iná kékeré tó ń gbá jọ fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ní òkè Ọya níhìn-ín. Ní ìgbà ọyẹ́, bí ẹ bá ń bọ́ súwẹ́tà lóru, ó máa ń ta pàràpàrà, tí ẹ bá wà nínú òkùnkùn ẹ máa rí i tó ń tàn. Bí tólúìn ṣe ń ṣàn ló ń kó irú iná yẹn jọ. Atẹ́gùn gbígbẹ ọyẹ́ ń mú un pọ̀ sí i. Bó bá fò láti etí àrọ irin sí ara dúrọ́ọ̀mù níbi tí atẹ́gùn tólúìn ti kún, ọ̀rọ̀ ti di ti panápaná.

Ohun tí a kọ nìyí: “Wáyà bàbà tó ní gírípù ní ẹnu méjèèjì ni kí o fi so dúrọ́ọ̀mù mọ́ agolo irin kí o tó ṣí i, kí wáyà mìíràn sì so dúrọ́ọ̀mù mọ́ irin tí wọ́n gbá sínú ilẹ̀. Ibi tí o bá fi gírípù sí, ha ọ̀dà kúrò kí irin ó kan irin. Jẹ́ kí ẹnu àrọ dé ìsàlẹ̀ agolo, kí ó má máa já bọ́ láti òkè. Rọra rọ ọ́.” Ẹni tó so ẹ́ẹ̀tì fún iná ilé ló bá wa gbá irin náà. Ẹ ó béèrè pé kẹ́ẹ̀gì ike ńkọ́? Ike kì í gba iná kọjá, wáyà tí a bá so mọ́ ọn kò ṣiṣẹ́ kankan. Agolo irin ni ìwé fẹ́. A mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì ike ni oníbàárà ń gbé wá, owó agolo irin sì ga, ṣùgbọ́n a ò lè torí ìyẹn yí ohun tí ìwé sọ padà.

Ó ku bó bá dà sílẹ̀. Bàbá Tíṣà fẹ́ ká mọ ìdí tí wọ́n fi ń sá, wọ́n bá ṣírò ìkan fún wa. Lítà tólúìn kan, bó bá gbẹ tán, ń di atẹ́gùn tólúìn bíi lítà 230. Bí ìdá kan péré àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn yàrá bá ti jẹ́ tólúìn, ó ti tó láti gbiná. Nínú ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́wàá tó ga ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, lítà kan yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti sọ gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù náà di ohun tí iná ń wá. Àti pé nílẹ̀ ló ń gbá jọ sí, nítorí náà èyí tó kéré ju lítà kan lọ ti lè ṣe é nísàlẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wò ó pé kẹ́ẹ̀gì ṣubú, lítà márùn-ún dà. Gẹ̀ẹ́sì ní ká “mú gbogbo ohun tó lè dá iná sílẹ̀ kúrò”. A kà á, ọmọ nawọ́ sí súìṣì láti pa gílóòbù. Bẹ́ẹ̀ súìṣì máa ń ta iná nínú nígbà tí a bá ń pa á gan-an! Nítorí náà gbólóhùn àkọ́kọ́ tiwa ni: “Má fọwọ́ kan súìṣì, má tan án, má pa á, má tẹ fóònù.” Lẹ́yìn náà: “Bó o bá lè gbé kẹ́ẹ̀gì dìde láìpẹ́, gbé e dìde. Ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jáde. Kígbe sí ìyá alákàrà àti mẹ́súyà pé kí wọ́n pa iná wọn, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ tó bá wà nítòsí.” Bí a bá lè pa iná mànàmáná láti ojú mítà tó wà níta, tó jìnnà sí ibẹ̀, ó dáa.

Yanrìn ló kàn, yanrìn gbígbẹ. Ìwé ní ohun tó lè fa omi tí kò sì ní bá a ṣe nǹkan kan. Sọ́dọ́ọ̀sì ni àwọn káfíńtà ń rò, ìyẹ̀fun pákó tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ń fa tólúìn mu dáadáa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá mu ún tán, ó ti di òwú àtùpà. Ẹ kọ́kọ́ fi yanrìn dí ọ̀nà gọ́tà àti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ tó máa dà á láti etí wá sí àárín. A fi omi dán an wò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù: lítà márùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ bókẹ́ẹ̀tì yanrìn méjì oní-lítà mẹ́wàá tán kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí bókẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ wa, níta. Ike tàbí pákó ni kí ẹ fi kó o, ẹ má fi ṣọ́bìrì irin, torí irin tó bá ha sìmẹ́ǹtì lè ta iná. Ẹ má sì da omi sí i. Tólúìn ń léfòó lójú omi, omi yóò kàn bá yín gbé e lọ sí gọ́tà, gọ́tà yóò gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn.

Èyí, fún nǹkan kékeré ni o. Bó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù oní-lítà 200 ló bẹ́, ẹ má wá bókẹ́ẹ̀tì. Ẹ kó ènìyàn kúrò, ẹ dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ẹ pe panápaná láti ọ̀nà jíjìn.

Yanrìn tí ẹ kó ńkọ́? Tólúìn ṣì wà nínú rẹ̀ pátá. Ìwé ní ká kó o sínú ohun tó ní ìdérí, kí á fi lé ẹni tó ní àṣẹ láti kó irú rẹ̀ lọ́wọ́. A pe ọmọ, ó ní òun máa dà á sí bọ́là. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí bọ́là ní ìrọ̀lẹ́: ìṣáná ni. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ní apá kẹfà tiwa nìyí: “Kó o sínú gáráwá onídèérí, gbé e sí ìta lábẹ́ òjìji, kọ TÓLÚÌN sí i lára, má dà á sí bọ́là. Ẹni tó bá tún kó dúrọ́ọ̀mù wá ni kí o fi lé lọ́wọ́.” A ti bá oníkóbọ́ọ̀dù wa sọ ọ́, ó gbà láti máa gbé e padà sí ilé iṣẹ́ tó ti ń rà á.

Ojú ewé méjì ni gbogbo rẹ̀ já sí, a tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, a fi ọ̀rá bò ó. Ẹ̀dà Yorùbá wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá bi wá lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ti Háúsá fún àwọn alábàárù ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ àdúgbò kan tó gbọ́ èdè méjèèjì ló ń bá wa ṣe é, ó sì ti sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ “atẹ́gùn tólúìn” yẹn ló ń dá òun náà dúró.